Ìdáhùn Tí Ó Yẹ Ọmọ Ẹgbẹ́ Tí Ó Bèèrè Owó Ẹbọ Ní Gbangba

   

Ọ̀rọ̀ tí a yàn láti sọ lónìí kì í ṣe ti ẹsẹ Ifá tàbí ti ewé. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó máa ń dìde nígbà tí onílù bá sinmi tí àwo oúnjẹ sì ń lọ káàkiri. Ọmọ ẹgbẹ́ kan yóò dìde láàárín àwùjọ, yóò ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má bínú, owó tí a dá lọ́dún tó kọjá, kí ni a fi ṣe? Ewúrẹ́ tí èmi fa sílẹ̀ ńkọ́?" Gbogbo ilé yóò dákẹ́. Àwọn kan yóò máa wo ojú Àràbà, àwọn mìíràn yóò máa wo ẹni tí ó bèèrè bí ẹni tí ó tàpá sí èèwọ̀. Bí a ṣe dáhùn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni yóò pinnu bóyá àwọn ènìyàn yóò tún dáwó lọ́dún tí ń bọ̀ pẹ̀lú ọkàn kan, tàbí wọn yóò kàn máa fi ojú jọ ọmọ ẹgbẹ́ lásán.

Àṣìṣe tí ó ń ba ìdáhùn jẹ́ jùlọ ni pé a máa ń da awo pọ̀ mọ́ ìṣirò. Awo ni Ifá. Ohun tí Ifá sọ fún ẹnì kan lórí ọpọ́n, ẹbọ tí a yàn fún un, ìdí tí ó fi wá, ìwọ̀nyí kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu babaláwo. Ṣùgbọ́n iye owó tí ẹgbẹ́ gbà lápapọ̀, iye tí a ná àti ohun tí ó ṣẹ́kù kì í ṣe awo. Kò sí ìtẹ̀nífá kankan tí a fi gbé ìwé owó wọ inú igbódù. Nítorí náà, nígbà tí olórí bá dá ọmọ ẹgbẹ́ lóhùn pé, "Ọ̀rọ̀ awo ni èyí, ògbẹ̀rì kò lè gbọ́ ọ," ó ti fi aṣọ mímọ́ bo ohun tí kò nílò aṣọ. Ẹni tí ó sì bèèrè yóò lọ sílé pẹ̀lú èrò pé nǹkan ń bẹ lábẹ́ aṣọ náà, kódà bí kò bá sí.

Ìdáhùn kejì tí kò dára ni pé, "Èṣù ni ó ń lo ọmọ yìí." Ó máa ń ya wá lẹ́nu nígbà tí a bá gbọ́ ọ lẹ́nu onífá, nítorí ọ̀rọ̀ àyálò ni. Nínú ẹ̀sìn tiwa, Èṣù ni ó ń bójú tó ẹbọ. Òun ni ó ń mọ ẹni tí ó rú àti ẹni tí kò rú, òun ni ó sì ń gbé ẹbọ dé ibi tí ó yẹ. Bí ó bá jẹ́ pé Èṣù ni ó rán ọmọ yẹn láti wádìí owó ẹbọ lóòótọ́, a jẹ́ pé a ní láti yára dá a lóhùn ni.

Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a mọ irú owó tí a ń bèèrè lọ́wọ́ wa, nítorí orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn ènìyàn ń pe oríṣiríṣi nǹkan. Owó ẹbọ tí Ifá yàn fún ẹnì kan jẹ́ ti iṣẹ́ náà: a fi ra ohun ẹbọ, babaláwo tí ó ṣe é sì gba ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí kì í wọ inú àpò ẹgbẹ́, àfi bí a bá ti fi ẹnu kò bẹ́ẹ̀. Ìdáwó ọdún jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́, a sì ti sọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe kí a tó gbà á. Ọrẹ ni ohun tí ènìyàn fi ìfẹ́ inú dá sí igbá níwájú Ifá, ìbáà ṣe owó, ìbáà ṣe adìẹ, obì tàbí epo. Ọ̀pọ̀ ìjà tí a ti gbọ́ kò ti ọwọ́ olè wá. Ó wá láti inú kí a da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò kan. Ọmọ ẹgbẹ́ a rí i pé babaláwo kan gba owó ní òwúrọ̀, a sì rò pé ìdáwó ni, bẹ́ẹ̀ owó iṣẹ́ tí ó ṣe fún ẹlòmíràn ni. Lóde òní, nǹkan tún ti le sí i, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó ń fi fóònù san owó, bí ẹgbẹ́ kò bá sì ní àkáǹtì tirẹ̀ ní báńkì, àkáǹtì akápò tàbí ti akọ̀wé ni wọn yóò san án sí. Nígbà náà, owó ọrẹ àti owó oúnjẹ ilé ọkùnrin náà ti jọ wà nínú ìkòkò kan, kò sì sí ìbúra tí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ bí ìwé báńkì ti lè yà wọ́n.

Ní ti ọ̀rọ̀ yìí, akápò ni ó yẹ kí ó dáhùn, kì í ṣe Àràbà tàbí Olúwo. Nínú ìtàn Ifá, Akápò ni ẹni tí ó ru àpò Ọ̀rúnmìlà, tí ó ń tẹ̀ lé e káàkiri. Orúkọ yẹn ni Yorùbá mú fún olùtọ́jú owó ẹgbẹ́, ó sì dùn mọ́ wa pé láti inú ilé wa ni ó ti jáde. Ẹni tí àpò wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí Àràbà bá dáhùn ní kíákíá, tí ó sì ṣì iye kan sọ, kò sí ẹni tí yóò lè tún un ṣe lójú rẹ̀. Iṣẹ́ Àràbà lọ́jọ́ náà ni kí ó pàṣẹ pé kí a gbọ́ ọmọ náà tán, kí ẹnikẹ́ni má sì bú u.

Lẹ́yìn tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti sọ̀rọ̀ tán, kí akápò tún ìbéèrè náà sọ bí ó ṣe gbọ́ ọ: "Ohun méjì ni o bèèrè. Àkọ́kọ́ ni ohun tí a fi ìdáwó ṣe. Èkejì ni ewúrẹ́ rẹ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Èyí kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n ó ń tu ọkàn ẹni tí ó bèèrè lára, ó sì ń jẹ́ kí àwùjọ mọ̀ pé ohun méjì ni ó wà nílẹ̀, kì í ṣe ogún ẹ̀sùn. Kí ó dáhùn èyí tí ó mọ̀ dájú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó sì dá ọjọ́ fún ìyókù. Àwa onífá ní ọjọ́ tí ó bá èyí mu. Ìtàdógún ni, ọjọ́ kẹtàdínlógún bí a bá ń kà á ní ìkà àwọn baba wa. Ìtàdógún kan tó láti kó ìwé jọ, kò sì pọ̀ débi tí àhesọ yóò fi gbilẹ̀. Ní gbangba ni a ti bèèrè, nítorí náà ní gbangba ni a ó ti dáhùn. Kí a pè é sí yàrá, kí a bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí ó sì jáde tí ó dákẹ́, kò ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́, nítorí àwọn tí ó kù yóò rò pé a ti fi nǹkan pa á lẹ́nu mọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye owó yìí, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kan pàtó. Ẹgbẹ́ kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 60, oníkálukú dá náírà 10,000, èyí jẹ́ náírà 600,000. Ọrẹ tí a dá sí igbá jẹ́ náírà 185,000. Náírà 38,000 ti ṣẹ́kù láti ọdún tí ó kọjá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ náírà 823,000. Ní ti ìnáwó, ohun ẹbọ àti ohun ìrúbọ ọdún gba náírà 210,000, oúnjẹ àti ohun mímu gba 265,000, àwọn onílù gba 80,000, àtíbàbà, àga àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè gba 110,000, ọkọ̀ àti alábàárù sì gba 45,000. Àròpọ̀ ìnáwó jẹ́ 710,000. Nítorí náà, náírà 113,000 ni ó yẹ kí ó ṣẹ́kù.

Ọ̀pọ̀ akápò a máa dúró síbí, wọn a ní ìṣirò ti pé. Kò tíì pé. Ìwé lè bára mu nígbà tí owó kò sí. Ohun tí ó ń fi ọkàn àwùjọ balẹ̀ ni kí a wá fi owó fúnra rẹ̀ wé ìwé: kí a mú ìwé báńkì jáde, kí a rí i pé 95,000 wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a pa ìwé dé, kí a sì ka owó tí ó wà nínú àpótí lójú ènìyàn, kí ó jẹ́ 18,000. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún àti méjìdínlógún jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́fà. Nígbà tí méjèèjì bá pàdé báyìí, kò sí ẹni tí yóò tún ní kí a búra.

Nínú ìnáwó yẹn, náírà 45,000 ti ọkọ̀ àti alábàárù ni yóò fa wàhálà, nítorí ẹni tí ó fi kẹ̀kẹ́ gbé ewúrẹ́ gba ọ̀nà Àgbádárìgì wá kì í fúnni ní rìsíìtì. Àwọn kan a lọ ra ìwé rìsíìtì ní ọjà, wọn a kọ ọ́ fúnra wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kí a má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Bí a bá mú rìsíìtì èké kan ṣoṣo, gbogbo rìsíìtì òótọ́ tí ó wà nínú ìdì yẹn ti di èké lójú ẹni tí ó rí i. Kí a kọ òótọ́ pé kò sí rìsíìtì, kí a kọ ọjọ́, ohun tí a gbé, ibi tí a ti gbé e àti orúkọ ẹni tí ó san owó náà, kí ẹlòmíràn tí ó wà níbẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Bí akápò bá ka èyí jáde fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè, àwùjọ yóò gbà á. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó ń bèèrè ni ó rí i, ìtàn mìíràn ni.

Ewúrẹ́ wá kù. Ohun tí a fi ojú rí ni ẹbọ tí a fi ẹran rú, ojú sì ni ó máa ń bèèrè. Nínú àpẹẹrẹ wa, ewúrẹ́ mẹ́ta ni àwọn ènìyàn fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ, a sì ra ọ̀kan kún un. Ọmọ ẹgbẹ́ náà rí méjì tí a pa níwájú Ifá. Ó lọ sílé, ó ń ronú pé méjì ti wọ ilé ẹnì kan. Ẹ̀kẹta ni a sè fún àlejò lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ó ti lọ. Ẹ̀kẹrin ni a pín fún àwọn awo tí wọ́n ṣe ìsìn òru, gẹ́gẹ́ bí ìpín tí ó jẹ́ tiwọn. Kò sí ohun ìtìjú nínú ìpín awo. Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe, àṣà sì ti fi ìpín sí i láti ìgbà pípẹ́. Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹ̀sùn ni pé a pín in láìsọ. Nítorí náà, kí ìwé kan wà fún ohun tí kì í ṣe owó: ẹni tí ó mú un wá, ọjọ́ tí ó mú un wá, ohun tí a fi ṣe, lójú ta ni. Ìlà kan ti tó fún ewúrẹ́ kan. Ní ti adìẹ àti obì, a lè kọ wọ́n pọ̀, a kò ní kí akọ̀wé fi gbogbo ọdún ka obì.

Níbi tí awo ti wọ inú rẹ̀ lóòótọ́ ni kí a ṣọ́ra. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ní kí a ka orúkọ gbogbo ẹni tí ó mú ẹran wá àti ìdí tí olúkúlùkù fi mú un wá, kí akápò ka ohun tí a fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ, kí ó sì dákẹ́ lórí ohun tí Ifá yàn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ó sọ ìdí tí ó fi dákẹ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́: "Ti ìwọ náà wà nínú rẹ̀, a kò sì ní ka tìrẹ fún ẹlòmíràn." Kò sí olóye tí yóò bínú sí èyí.

Àwọn kan lè ní ọ̀rọ̀ wa ti pọ̀ jù fún ẹgbẹ́ àdúgbò. Kí wọ́n wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹ̀sìn tí ó pọ̀ jù wá lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ìṣirò owó gbé ìlànà kan jáde fún ìjọ, mọ́ṣáláṣí àti àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣòwò jèrè, ó sì fi gbèdéke ọdún sí ipò àwọn olórí wọn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, Pásítọ̀ Ẹ́nọ́kù Adébóyè ti ìjọ Ìràpadà kéde ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí alábòójútó ìjọ náà ní Nàìjíríà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Ààrẹ Bùhárí yọ olórí àjọ náà, Jim Obazee, nípò, wọ́n sì dá ìlànà náà dúró. Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Kò parí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2020, Ààrẹ kan náà fọwọ́ sí òfin iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tuntun, èyí tí abala 839 rẹ̀ fún ìjọba ní agbára láti dá àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ tí ó ti forúkọ sílẹ̀ dúró bí ó bá fura pé wọ́n ṣi owó lò. Àwọn olórí ìjọ pariwo gidigidi lórí abala yẹn. A kò sọ pé ìjọba ni ó dára jù láti bójú tó ilé Ifá, a kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ ni pé ìbéèrè tí a kò dáhùn nínú ilé kì í kú. Ó kàn ń lọ wá ẹni tí ó ní agbára jù wá lọ láti bá a bèèrè ni.

Òfin yẹn kan náà sọ ohun kan tí ó wúlò fún wa: kí ẹgbẹ́ tí ó bá forúkọ sílẹ̀ tọ́jú ìwé ìṣirò rẹ̀ fún ọdún 6. Kódà ẹgbẹ́ tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ lè ṣe èyí pẹ̀lú àpò ọ̀rá kan àti àpótí tí ọ̀rinrin kò lè wọ̀. Àwọn baba wa kò dúró de òfin òyìnbó kí wọ́n tó mọ̀ pé owó ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ojú púpọ̀. Samuel Johnson kọ nípa èésú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921: iye kan náà lọ́wọ́ olúkúlùkù, ọjọ́ kan náà, ibi kan náà, lábẹ́ olórí kan, kí àpapọ̀ rẹ̀ sì máa yí ká láti ọwọ́ ẹnì kan sí òmíràn. Ojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n fi ń kà á.

Ìbéèrè kan wà tí kò yẹ kí akápò dáhùn rárá. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kọjá "Kí ni a fi ṣe?" tí ó sì dárúkọ ẹnì kan pé ó jalè, ẹjọ́ ni ìyẹn, kì í ṣe ìṣirò. Kí a yan ènìyàn mẹ́ta láti wò ó. Kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tí olùfisùn yàn, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn yàn, kí ẹ̀kẹta sì jẹ́ ẹni tí kò fọwọ́ kan owó rí, bóyá ìyánífá kan tí ó mọ ìwé. Kí wọ́n mú àbọ̀ wá ní ìtàdógún kejì. Bí wọ́n bá rí i pé owó dín, kí wọ́n sọ iye tí ó dín gan-an àti ọjọ́ tí a ó dá a padà. Kí a má fi ìbúra rọ́pò èyí. Ọgùn tàbí irin tí a gbé síwájú ènìyàn kò lè sọ bóyá 45,000 ni tàbí 54,000.

Àwọn àmì kan sì wà tí ọmọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ lè fi mọ ìwé tí kò ṣe é gbára lé. Bí gbogbo iye bá jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbáko, tí kò sí ààbọ̀ níbì kankan, ẹnì kan ti fojú bù ú ni. Bí a bá kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù méjìlá pẹ̀lú bírò kan àti ọwọ́ kan láìsí ìpàrẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé alẹ́ àná ni wọ́n kọ ọ́. Bí "ìnáwó mìíràn" bá pọ̀ ju oúnjẹ lọ, kí a bèèrè ohun tí ó wà nínú mìíràn.

Ní ti ìwà ẹni tí ó bèèrè, a mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi ohùn líle bèèrè, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti mu ún díẹ̀. Kí a dáhùn ìbéèrè rẹ̀ lónìí, kí a fi ìwà rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn, lọ́wọ́ àgbà tí ó lè bá a wí ní kọ̀rọ̀. Nínú ìtàn Ọ̀ṣẹ́tùrá tí gbogbo wa mọ̀, nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ ọkùnrin yọ Ọ̀ṣun sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ wọn tí ohun gbogbo sì bàjẹ́, ohun tí Olódùmarè bi wọ́n ni pé ta ni wọn kò fi sí i. Kò bèèrè bóyá Ọ̀ṣun fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tí akápò bá ti ka gbogbo rẹ̀ tán ní ìtàdógún, kí ó gbé ìwé náà lé ọwọ́ ẹni tí ó bèèrè, kí ó fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ìpàdé tó tú. Kí akọ̀wé kọ ìbéèrè àti ìdáhùn sínú ìwé ìpàdé, kí ó kọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ lẹ́yìn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an. Bí ohun kan bá ṣẹ́kù tí kò yé e, kí a kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ fún ìpàdé tí ń bọ̀.